Wọn ò di ọmọ yín lẹ́sẹ̀, bọ́ọ̀lù ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀

Ìyá kan tún fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní Ìjàpò lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, ó jọ pé wọ́n ti dì í lẹ́sẹ̀. Nílé, bírà ló ń fi bọ́ọ̀lù dá. Tó bá ti dé pápá tí bàbá rẹ̀ ń mú un lọ, ṣe ló máa ń dúró gbagidi." Mo bi í pé ọmọ mélòó ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Mọ́kànlá sí mọ́kànlá, gbogbo wọn wọ jẹ́sì. Bọ́ọ̀lù mélòó? Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ẹyọ kan ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń di ọmọ lẹ́sẹ̀ yìí ti sú mi. Ẹ gbé ọmọ ọdún mẹ́wàá sórí pápá tó tó èyí tí àwọn Sọ́nṣáìnì Sítáàsì ń lò, ẹ fi í sí wíńgì òsì, ó lè sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí bọ́ọ̀lù má dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ. Ta ló dì í? Ẹ̀yin tí ẹ tò ó síbẹ̀ ni. Nílẹ̀ Jámánì, láti sáà 2024/25, ó ti di dandan pé kí àwọn ọmọ kéékèèké máa gbá méjì sí méjì tàbí mẹ́ta sí mẹ́ta, kí àwọn tó ń súnmọ́ ọdún mẹ́wàá máa gbá márùn-ún sí márùn-ún tàbí méje sí méje. Ṣé wọ́n di àwọn yẹn náà lẹ́sẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan tí ọmọ ogún dé, tí ẹ ní wákàtí kan, bọ́ọ̀lù mẹ́fà àti ìdajì pápá ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n ṣe ń mú ara gbóná, ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní sọ ọ́. Ẹ pín ilẹ̀ náà sí pápá kékeré mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yín, kó sì fẹ̀ tó méjìdínlógún. Tí ẹ kò bá ní kóònù, sílípáàsì tó ti já ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Ojú ilé kò gbọdọ̀ ju ìgbésẹ̀ méjì lọ, kò sì sí aṣọ́lé. Ẹni tó bá fẹ́ dúró síwájú ilé bí ẹ̀ṣọ́ báńkì, ẹ lé e síwájú.

Mẹ́ta sí mẹ́ta lórí pápá mẹ́ta, ọmọ méjìdínlógún nìyẹn, ó ku méjì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ti ń ba nǹkan jẹ́: wọ́n á ní kí àwọn méjì náà jókòó dè wọ́n. Rárá o. Ẹ fi ọ̀kan kún pápá kan, ẹ fi ìkejì kún òmíràn, kó di mẹ́rin sí mẹ́ta, kí mẹ́rin náà jẹ́ ẹgbẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni kí wọ́n gbá, kí wọ́n mu omi fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Bọ́ọ̀lù kan á máa yí lórí pápá kọ̀ọ̀kan, ìkejì á wà létí ìlà. Tí èyí tí wọ́n ń gbá bá ti wọ gọ́tà, ẹni tó súnmọ́ ibẹ̀ á mú ti ẹ̀gbẹ́, á fi ẹsẹ̀ wà á wọ pápá. Kò sí pé à ń fọwọ́ jù ú, kò sí pé ọmọ mẹ́fà ń wo ọ̀kan tó lọ gbé bọ́ọ̀lù nínú koríko.

Tí ìṣẹ́jú mẹ́rin bá pé, ẹgbẹ́ tó borí á sún sí pápá apá ọ̀tún, èyí tó pàdánù á sún sápá òsì. Àwọn tó borí ní ìpẹ̀kun ọ̀tún àti àwọn tó pàdánù ní ìpẹ̀kun òsì á dúró síbi tí wọ́n wà. Tó bá fi máa tó ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ti máa bá àwọn tí agbára wọn bára mu gbá. Ẹ fi wé mọ́ńkì póòsì àdúgbò, níbi tí sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé rẹ̀ ti máa ń kúrò. Níbẹ̀, ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá, tó jẹ́ pé òun ló nílò bọ́ọ̀lù jù, òun náà ni yóò jókòó pẹ́ jù.

Ó wá ku ohun tí àwọn kóòṣì ẹgbẹ́ mi fi ń bú mi, èmi ò sì ní jáwọ́ nínú rẹ̀: kíkà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń wo ọmọ tó dákẹ́ jù, kì í ṣe èyí tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Mo á kó òkúta wẹ́wẹ́ sí àpò òsì. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, mo á mú òkúta kan bọ́ sápò ọ̀tún. Kódà bó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹyọ kan ni mo kà á. Tí ìṣẹ́jú mẹ́rin bá pé tí òkúta ọ̀tún kò tó mẹ́jọ, ètò mi ló burú, ọmọ náà kọ́.

Tí òkúta kò bá tó, pápá ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Tí bọ́ọ̀lù bá ń fò lókè, tí wọ́n ń gbá a jìnnà tí wọ́n sì ń sáré tẹ̀lé e, ilẹ̀ ti gbòòrò jù, mo á dín in ní ìgbésẹ̀ méjì-méjì. Tí wọ́n bá ṣùrù bo bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń gbá ara wọn lójúgun, tó sì ń jáde ṣáá, mo á fẹ̀ ẹ́. Tí ilẹ̀ bá dára, a jẹ́ pé alágídí kan ló ń dá bọ́ọ̀lù jẹ. Ẹ má pariwo "pààsì! pààsì!" mọ́ ọn, ẹ má sì ní kó fẹsẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀mejì péré kó gbé e sílẹ̀, ọgbọ́n gígé ènìyàn kọjá lẹ fẹ́ pa nínú rẹ̀ yẹn. Ẹ kó gbogbo àwọn alágídí sórí pápá kan ṣoṣo. Wọ́n á fi ẹnu ara wọn sọ pé kí ẹlòmíràn gbé bọ́ọ̀lù wá.

Eré kékeré yìí kò lè kọ́ ọmọ ní ọ́fúsáìdì, kò sì lè kọ́ aṣọ́lé níṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìparí gbá márùn-ún sí márùn-ún lórí pápá méjì, pẹ̀lú aṣọ́lé. Àmọ́ ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń pe ara rẹ̀ ní èjẹ́ǹtì, tó ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn òbí, tó ń ní eré ọmọ jẹ́léósinmi ni mò ń ṣe. Kó wá ka òkúta náà níṣojú mi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kò sí nínú eré gan-an. Látìgbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti gbọ́ nípa ilé kékeré, wẹ́dà ni wọ́n ń sáré lọ bá. Wẹ́dà á jó irin nípọn-nípọn pọ̀, wọ́n á gbé e kalẹ̀ láìfi nǹkan kan dè é mọ́lẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan láàárín ìlú Akúrẹ́ níbí, ọmọkùnrin kan fò mọ́ ọ̀pá òkè kó lè rọ̀ dirodiro. Irin náà dojú dé mọ́ ọn, ó sì kán an ní ọrùn ọwọ́. Ká ní orí tàbí àyà ló bà, ọ̀rọ̀ mìíràn là ń sọ yìí. Irú irin bẹ́ẹ̀ ti pa ọmọ lókè òkun rí. Kí ọmọ kankan tó wọ pápá, ẹ di ọ̀pá òkè mú, ẹ fà á síwájú. Tó bá mì, ẹ gbé àpò yanrìn tó wúwo lé irin ẹ̀yìn tó wà nílẹ̀, kí ẹ tún fà á wò. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ tàbí kí ẹ fi ṣéènì so ó mọ́ ògiri, torí ọmọ tó ń rọ̀ kì í dúró dìgbà tí kóòṣì bá wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ní àdánwò ayé ni, pé kí wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n gbà á, wọ́n sì tún gbé irin náà dúró síbi tó wà láìdè é. Mo ti sọ fún wọn pé sílípáàsì ni èmi yóò máa fi ṣe ilé.