Àkọlé “Ẹlẹgẹ́ Ni” Kò Lè Dáàbò Bo Àwo Tánganran

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tó ń fi àwo tánganran ránṣẹ́ sí oníbàárà gbà pé bí àwọn bá ti kọ “Ẹlẹgẹ́ ni, ẹ rọra” gàdàgbà sára páálí, ẹrù ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Ẹni tó ń já ẹrù lóru kì í ráyè ka àkọlé, páálí mìíràn sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ló kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé ẹrù tí olùránṣẹ́ kò dì dáadáa kò ní owó gbà-má-bínú, àkọlé ì báà wà lára rẹ̀.

Ńṣe ni kí a dì í bí ohun tí yóò jábọ́. Nínú ìdánwò 1A ti àjọ ISTA, tó ń ṣe ìlànà fún ẹrù dídì, páálí tí kò wúwo tó kílò 9 ni wọ́n máa ń jù sílẹ̀ nígbà 10 láti ibi tó ga tó sẹ̀ntímítà 76, ìyẹn bíi gíga tábìlì. Bí ohun tí a fi tẹ́ àwo bá lè fún pọ̀ ní sẹ̀ntímítà 2.5 kí àwo náà tó dúró, agbára tí yóò bá a jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 30 ìwúwo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mílímítà 2 péré, bí ìgbà tí a fi ìwé ìròyìn kan ṣoṣo wé e, ó di ìlọ́po 380.

Ẹ jẹ́ ká fi àwo pẹrẹsẹ mẹ́fà tí fífẹ̀ wọn jẹ́ sẹ̀ntímítà 26 ṣe àpẹẹrẹ, láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá. A ó fi ọ̀rá oníhóró afẹ́fẹ́ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì gbé wọn dúró lórí etí wọn nínú páálí kékeré (30 × 30 × 22), nítorí pé bí a bá tò wọ́n lé ara wọn, àárín èyí tó wà nísàlẹ̀ ni yóò gba ẹrù gbogbo yòókù. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé páálí yìí sínú èyí tó tóbi jù ú lọ (42 × 42 × 34), kí ìwé tí a rún yí i ká ní sẹ̀ntímítà 6 lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo. Kí a tó lẹ̀ ẹ́ pa, kí a mì í: bí a bá gbọ́ tí nǹkan ń yí nínú rẹ̀, àyè ṣì wà tí a kò dí. Páálí tí òjò ti pa rí kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, kódà bó ti gbẹ, nítorí agbára rẹ̀ ti dín kù.

Bí àwo bá fọ́ síbẹ̀, páálí fúnra rẹ̀ máa ń sọ ohun tó fà á. Bí igun rẹ̀ bá wọnú, ó jábọ́, ohun tí a fi tẹ́ igun náà kò sì nípọn tó. Bí páálí bá wà láìní àpá, tí etí àwo sì ti sán, àwọn àwo ló ń gbá ara wọn. Nítorí náà, kí olùránṣẹ́ ya fọ́tò ẹrù kó tó lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹni tó gbà á má sì da páálí nù kí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tó wá yẹ̀ ẹ́ wò.