Kí ló dé tí ọmọ tó mọ ewu igbó ṣì ń tọ́ ọ wò?

Ìbéèrè: Ọdọọdún ni ọlọ́pàá máa ń wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ̀rọ̀ nípa oògùn olóró, àwa olùkọ́ náà sì ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè sọ pé àwọn ò mu. Wọ́n mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń tọ́ sìgá àti igbó wò bí wọ́n bá ti wà láàárín ẹgbẹ́ wọn?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ kọ́ wọn dá lórí pé ẹnì kan yóò na sìgá sí wọn, yóò sì máa rọ̀ wọ́n. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó rọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà ló ti gbà lọ́kàn pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń mu ún, pé òun nìkan ló kù sẹ́yìn. Ta ni yóò wá sọ pé òun ò mu fún, nígbà tí kò sẹ́ni tó fi lọ̀ ọ́?

Ohun tó gbà lọ́kàn yẹn kì í sábà jẹ́ òótọ́. Ọmọ tó mu sìgá lánàá á máa ròyìn rẹ̀ kiri kíláàsì, á sì tún bù mọ́ ọn. Èyí tí kò mu kò ní ìròyìn kankan láti mú wá. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn àwọn díẹ̀ ṣe ń dún bíi ti gbogbo kíláàsì.

Àwọn olùwádìí méjì, William Hansen àti John Graham, dán ọ̀rọ̀ yìí wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1991. Wọ́n kọ́ àwọn kan bí wọ́n ṣe lè kọ ohun tí ẹgbẹ́ bá fi lọ̀ wọ́n. Wọ́n fi han àwọn mìíràn pé àwọn tó ń mu ọtí, sìgá àti igbó nínú ẹgbẹ́ wọn kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ló dín iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún kù. Ti àkọ́kọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó dá dúró. Mi ò ní kí ẹ pa á tì o. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀lé ti kejì ni.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa fi èyí han ọmọ tó ń rí ẹgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn kà á. Ká ní kíláàsì kan ní ọmọ 40. Ẹ fún wọn ní ìwé pélébé kan náà, kí wọ́n má kọ orúkọ sí i. Ìbéèrè méjì péré: ṣé o mu sìgá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá? Nínú àwa 40 yìí, mélòó lo rò pé ó mu? Kí wọ́n ká ìwé náà, kí wọ́n jù ú sínú àpótí, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti kíláàsì mìíràn sì kà á. Ká wá ní àwọn 5 ló mu, tí iye tí wọ́n rò sì jẹ́ 18 bí a bá pín in dọ́gba. Ẹ kọ iye méjèèjì sójú pátákó, kí ẹ sì bi wọ́n pé níbo ni 13 tó lé ti wá. Ẹ má sọ ọ́ fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni yóò dárúkọ ìròyìn àbùmọ́ àti àwọn fọ́tò tí wọ́n ń rí lórí fóònù.

Ó sàn kí ẹ da kíláàsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ pọ̀, kí wọ́n má baà máa wá àwọn 5 náà kiri. Ẹ tún wo iye náà kí ẹ tó kọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ọmọ 22 nínú 40 ló mu, ẹ ò gbọdọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, torí ẹ̀kọ́ yìí yóò wá sọ fún àwọn tó kù pé òótọ́ ni wọ́n ti kù sẹ́yìn. Ìdí kan náà ni mi ò ṣe fẹ́ràn ìkìlọ̀ tó ń pariwo pé oògùn olóró ti gba gbogbo ọ̀dọ́ kan. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé gbogbo ayé ló ń mu ún.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún bi wọ́n. Iye tí wọ́n rò ló yẹ kó kọ́kọ́ wálẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gba ìkàsílẹ̀ yẹn gbọ́, bóyá torí pé wọ́n rí olùkọ́ tó ń yọ́ ìwé wò.

Ìbéèrè: Àwọn tó ti ń mu ún ńkọ́? A ń gbèrò láti kó wọn jọ sí yàrá kan lọ́tọ̀, ká máa kọ́ wọn níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìwádìí tí Thomas Dishion àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1999 fi hàn pé nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ tó ṣeé ṣe kí wọ́n yà sí irú ìwà bẹ́ẹ̀ jọ fún ẹ̀kọ́, sìgá mímu wọn pọ̀ ju ti àwọn tí wọn ò kó jọ lọ. Ọ̀kan á sọ ohun tó ṣe, àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì ni èrè rẹ̀. Ẹ rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òbí tàbí alágbàtọ́ wọn. Èyí tó bá sì ti ń mu ún lójoojúmọ́ ti kọjá ohun tí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì lè yanjú, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni kí ẹ mú un lọ.