Bí Módẹ́lì Ṣe Ń Kọ́ Àkọ́sórí Nígbà Tí Aláìsàn Kò Pọ̀

Rìgíréṣọ̀n lójísítíìkì ni ìṣírò tí a ń lò nígbà tí àbájáde jẹ́ ọ̀kan nínú méjì, bíi kí aláìsàn kú tàbí kí ó yè. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kó àkọsílẹ̀ aláìsàn rọpárọsẹ̀ 120 jọ fún iṣẹ́ ìwádìí oyè rẹ̀, tí 24 nínú wọn sì kú láàárín oṣù kan. Kì í ṣe 120 ni agbára dátà yìí, 24 ni, nítorí pé ẹgbẹ́ tó kéré jù nínú àwọn tó kú àti àwọn tó yè ló ń pinnu iye ohun tí módẹ́lì lè kọ́. Bí a bá béèrè ju èyí lọ, yóò kọ́ àkọ́sórí: yóò há àwọn aláìsàn yìí sórí, kò sì ní lè sọ ti ẹlòmíràn dáadáa.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ olùwádìí mọ̀ ni pé kí ikú mẹ́wàá, ó kéré tán, wà fún atọ́ka kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tí a fi ń sọ àbájáde tẹ́lẹ̀, bíi ọjọ́ orí. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà yìí, atọ́ka méjì péré ni 24 lè gbé, atọ́ka tó bá sì ní ìpín mẹ́rin ń gba àyè mẹ́ta. Ìlànà náà kò péye tó òfin, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ìkìlọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á dán atọ́ka 15 wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mú àwọn tí p wọn kéré sí 0.05, wọ́n á sì sọ pé mẹ́ta péré làwọn lò. Irọ́ ni dátà ń pa fún wọn, torí pé 15 ni módẹ́lì ti rí. Ó sàn kí a ti fi ìmọ̀ ìṣègùn yan atọ́ka kí a tó wo àbájáde: níhìn-ín, ọjọ́ orí àti GCS, ìyẹn Glasgow Coma Scale, tí ó ń wọn bí aláìsàn ṣe mọ ohun tó ń lọ tó, nípa bí ó ṣe ń lajú, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí ó ṣe ń mira. Kí a má ṣe gé ọjọ́ orí sí “àgbà” àti “ọ̀dọ́”. Kí a fi í sílẹ̀ ní iye ọdún.

Lẹ́yìn èyí ni a ó yẹ módẹ́lì wò ní R:

```
library(rms)
m <- lrm(iku ~ ojo_ori + gcs,
         data = d, x = TRUE, y = TRUE)
set.seed(1)
validate(m, B = 500)
```

Ohun tí `validate` ń ṣe ni pé ó ń fa aláìsàn 120 yọ láti inú dátà náà, tí ẹnì kan lè jáde lẹ́ẹ̀mejì tí ẹlòmíràn kò sì ní jáde rárá. Ó ń kọ́ módẹ́lì tuntun lórí wọn, ó sì ń dán an wò lórí dátà àkọ́kọ́. Ó ń ṣe èyí nígbà 500; ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ láàárín èsì ibi méjèèjì ni ìwọ̀n àkọ́sórí. Nínú èsì, kí a wo `Slope` lábẹ́ `index.corrected`. Bí ó bá súnmọ́ 1, ó dára. Bí ó bá jẹ́ 0.7, àsọtẹ́lẹ̀ módẹ́lì ti ki àṣejù bọ̀ ọ́: ó ń pe ewu ńlá ní ńlá jù, ó sì ń pe kékeré ní kékeré jù. Nígbà náà, a ó sọ ìwọ̀n atọ́ka kọ̀ọ̀kan di ìdá 0.7 rẹ̀, a ó sì tún ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ṣírò.

Bí a bá ti fi dátà kan náà yan atọ́ka, yíyàn náà gbọ́dọ̀ tún wáyé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àyẹ̀wò 500 náà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, èsì yóò dára ju bó ṣe rí lọ.