Kápúsù oní-kámẹ́rà àti àyẹ̀wò èémí kì í ṣe ààrọ̀ rọ́bà tí wọ́n fi ń wo inú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti ń pọ̀ jù ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ẹni tí dókítà bá ti ní kó wá ṣe endosikópì, ìyẹn rọ́bà oní-kámẹ́rà tí wọ́n máa ń gba ẹnu tì bọ inú, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé ṣebí èyí tuntun ti wà, èyí téèyàn kàn máa gbé mì bí oògùn, àbí èyí téèyàn máa fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú báàgì, kí la tún fẹ́ fi rọ́bà ṣe? Wọ́n rò pé iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe, pé èyí tí ò ni èèyàn lára ló dáa jù. Rárá o. Ohun tí kálukú wọn ń wá yàtọ̀, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é, mo ti rí ibi tí àṣìṣe yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí èèyàn.

Màmá kan wà tó ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Olúwo, wọ́n ti lé ní 55. Orúnkún ń dùn wọ́n, daikilofẹ́nàk ni wọ́n ń lò sí i lójoojúmọ́ látọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tó yá ìgbẹ́ wọn di dúdú, ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, ó ń rùn gan-an, tí wọ́n bá sì dìde lórí àpótí òyì á kọ́ wọn. Ọmọ wọn tó fẹ́ràn wọn gan-an ò fẹ́ kí wọ́n ki rọ́bà bọ ìyá òun lọ́fun, ló bá gbé wọn lọ ṣe àyẹ̀wò èémí. Èsì jáde, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ó ní "Nọ́ọ̀sì, màámi ò ní ọ́lsà o, ẹ wo ìwé ẹ̀." Mo wo ìwé náà, mo bi màmá pé "Mà, oògùn wo lẹ lò láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ fẹ́ atẹ́gùn yẹn?" Wọ́n ní omẹpurasóòlù ni, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, pé àwọn ti ń lò ó fún oṣù kan.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àyẹ̀wò èémí ò wo ọ́lsà, ìyẹn ọgbẹ́ inú, rárá. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Hẹlikobákítà páílórì, tó máa ń gbé lára ògiri àpòlúkù, òun ló ń wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹ ò ní jẹun láti alẹ́, ẹ máa kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú báàgì kan, lẹ́yìn náà ẹ máa mu omi tí wọ́n po nǹkan kan tó ń jẹ́ yúríà sí, yúríà tí wọ́n ti fi kábọ́ọ̀nù 13 sàmì sí, ẹ máa jókòó bí ìṣẹ́jú 30, ẹ tún fẹ́ atẹ́gùn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Tí kòkòrò yẹn bá wà nínú, á fọ́ yúríà náà, kábọ́ọ̀nù tó sàmì sí i á wọnú ẹ̀jẹ̀, á gba ẹ̀dọ̀fóró jáde sínú èémí yín, ẹ̀rọ á sì rí i pé báàgì kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dáa gan-an, mo fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ omẹpurasóòlù máa ń ká kòkòrò yẹn lọ́wọ́ kò láì pa á tán, kò ní lè fọ́ yúríà bó ṣe yẹ, ìwé á wá sọ pé kò sí nígbà tó wà ńbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 ló yẹ kéèyàn ti fi í sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ 4 fún oògùn tó ń pa kòkòrò bí amọ́síìlì (ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó dá èyíkéyìí dúró o, torí ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dédé fi omẹpurasóòlù sílẹ̀). Ká tiẹ̀ ní kò sí kòkòrò lóòótọ́, daikilofẹ́nàk nìkan tó láti dá ọgbẹ́ sí inú, èémí ò sì ní sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yẹn ní ó dáa, ká jẹ́ kí wọ́n gbé kápúsù mì nígbà yẹn. Kápúsù ọ̀hún fi díẹ̀ tóbi ju àwọn fítámínì ńlá lọ, gígùn ẹ̀ tó mìlímítà 26, kámẹ́rà, iná àti bátìrì wà nínú ẹ̀. Ó máa ń ya fọ́tò bó ṣe ń lọ, fún bíi wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀, á máa fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ kan tẹ́ ẹ dè mọ́dìí, fọ́tò náà máa ń lé ní 50,000, dókítà máa wá jókòó wò ó. Lẹ́yìn náà ẹ máa yà á jáde nínú ìgbẹ́, ẹ ò ní wá a. Àmọ́ ìfun kékeré ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ibi tó gùn bíi mítà 6 tí rọ́bà ẹnu ò lè dé tán, tí rọ́bà ìdí náà ò lè dé. Àpòlúkù fẹ̀ bí àpò, kápúsù ò lè fẹ́ atẹ́gùn sí i kó nà, kò lè yí padà, ibi tó bá dojú kọ nìkan ló máa rí. Ẹnu ìfun tó tẹ̀ lé àpòlúkù, sáré ló máa ń sá kọjá níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbẹ́ máa ń wà. Tó bá tún rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń tú, kò lọ́wọ́ tó máa fi dá a dúró, kò lè gé ẹran kékeré lọ fún láàbù. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù fún màmá ni pé daikilofẹ́nàk ọjọ́ pípẹ́ lè mú kí ìfun fún níbì kan, kápúsù á dé ibẹ̀ á há, ó lè di iṣẹ́ abẹ.

Ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, òkè ló sábà máa ń ti wá, torí ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ nínú ló dúdú bẹ́ẹ̀. (Oògùn ẹ̀jẹ̀ oní-áyọ̀n náà máa ń sọ ọ́ di dúdú, àmọ́ kì í lẹ̀, kì í rùn tó bẹ́ẹ̀.) Ìwé láàbù màmá fi hàn pé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn, ìyẹn PCV, jẹ́ 21 nínú 100, níbi tó yẹ kó ti lé ní 36. Wọ́n fún wọn lẹ́jẹ̀, wọ́n fín oògùn sí wọn lọ́fun kó kú, rọ́bà wọlé. Kò ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Ọgbẹ́ kan wà lẹ́nu ìfun, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan hàn síta nínú ẹ̀, dókítà gba inú rọ́bà yẹn kan náà gún wọn lábẹ́rẹ́ níbẹ̀, ó fi kílíìpù kékeré pa á lẹ́nu, ó gé ẹran díẹ̀ látinú àpòlúkù. Láàbù rí kòkòrò náà, tí èémí ní kò sí.

Ẹni tí kápúsù wà fún ni bíi baba kan tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, wọ́n ti ki rọ́bà gba ẹnu, wọ́n ti ki í gba ìdí, wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tó gbé kápúsù mì, fọ́tò fi àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń jò hàn láàárín ìfun kékeré. Ẹ rí i pé rọ́bà ló kọ́kọ́ ṣe, méjèèjì.

Àyẹ̀wò èémí náà ní tiẹ̀. Ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 28 tí inú kàn ń ta, tí kò bì ẹ̀jẹ̀, tí kò rù, tí oúnjẹ ò há a lọ́fun, tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pé, kò sí ìdí tí wọ́n fi máa kọ́kọ́ ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kó fẹ́ atẹ́gùn, tí kòkòrò bá wà kí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Ó tún wúlò fún ẹni tó ti lo oògùn tán, láti mọ̀ bóyá kòkòrò ti kú. Ohun tí màmá ṣe nìyẹn. Wọ́n lo oògùn ọjọ́ 14, ọgbẹ́ jinná, dókítà ní kí wọ́n fi omẹpurasóòlù sílẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ 2 tí wọn ò ti fẹnu kàn án kí ọmọ wọn tó gbé wọn lọ fẹ́ báàgì ẹ̀ẹ̀kejì. Kò sí kòkòrò mọ́, lọ́tẹ̀ yìí mo gba ìwé náà gbọ́.