Ímeèlì ìrọ̀lẹ́ sí ọ̀gá: èyí tó parí, èyí tó ń lọ, èyí tó há

Ohun méjì ni ọ̀gá ń wá nínú ímeèlì tí ẹ fi ń jábọ̀ ìbéèrè fún un nírọ̀lẹ́: ṣé iye rẹ̀ pé, àti èwo ló ń dúró de òun. "A ti ń ṣe é lọ́wọ́" kò dáhùn ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ́fíìsì tó ń ra nǹkan fún ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọjọ́bọ̀. Ìbéèrè ọjà 14 ló ṣẹ́ kù láti àná, 5 wọlé lónìí, ó di 19. Wọ́n parí 6, ó ku 13. Nínú 13 yìí, 10 ń lọ, 3 há.

Orí ọ̀rọ̀ náà "parí" ni ìṣirò ti sábà máa ń dàrú. Ìbéèrè kò tíì parí nígbà tí a sanwó, kò sì tíì parí nígbà tí ọjà dé sítọ̀ọ̀. Ìgbà tí ẹni tó béèrè bá gba nǹkan rẹ̀ tó sì buwọ́ lù ú ló parí. Bí páálí ìbọ̀wọ́ bá ṣì wà ní sítọ̀ọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ò tíì rí i gbà, ẹ kà á mọ́ èyí tó ń lọ. Èyí tí ẹni tó béèrè sọ pé òun ò fẹ́ mọ́, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ pé a fagi lé e. Bí iye náà bá kọ̀ tí kò bára mu, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìbéèrè kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, lórí ìwé àti lórí Wọ́sáàpù. Nọ́ńbà tí ẹ bá fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó wọlé ni yóò tú àṣírí ìyẹn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "ń lọ" àti "há" kì í ṣe pé ọ̀kan yá, ìkejì falẹ̀. Èyí tó ń lọ ní ìgbésẹ̀ tó kàn, ẹni tí yóò gbé e, àti ọjọ́ tí yóò gbé e. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, tàbí tí kò sẹ́ni tó lè gbé e láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà, ó ti há.

Ímeèlì ọjọ́ náà rèé:

Àkọlé: Ìbéèrè Ọjọ́bọ̀: 6 parí, 13 kù, 1 ń dúró de yín

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà.

Èyí tó ń dúró de yín ni nọ́ńbà 47, dísù lítà 200 fún jẹnẹrétọ̀, tó wọlé lọ́jọ́ Ajé. Owó dísù ti lé, akáwó ò sì lè san ju iye tó wà lórí fáúṣà tí ẹ buwọ́ lù. Fáúṣà tuntun wà pẹ̀lú ímeèlì yìí. Bí ẹ bá buwọ́ lù ú kí aago 10 àárọ̀ ọ̀la tó lù, wọ́n á gbé e wá lọ́sàn-án. Èyí tó wà nínú táǹkì ò lè kọjá alẹ́ Sátidé.

Méjì mìíràn há, àmọ́ kò tíì kan yín. Nọ́ńbà 39, ẹ̀yà ara firíìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Àná ló yẹ kó dé. Àwọn abẹ́rẹ́ náà wà nínú kúlà oníyìnyín, òtútù rẹ̀ ò kúrò láàárín dígírì 2 sí 8. Bí kò bá dé ọ̀la, màá pè yín. Nọ́ńbà 44, yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Ó ti padà sọ́dọ̀ ọ́fíìsì tó béèrè láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ wo ìpínrọ̀ dísù nínú ímeèlì yẹn dáadáa. Ó sọ ohun tó dí i, ohun tí ọ̀gá máa ṣe, àkókò tó gbọ́dọ̀ ṣe é, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe é. Bí gbólóhùn nípa táǹkì kò bá sí níbẹ̀, ọ̀gá lè fi fáúṣà náà sílẹ̀ di Mọ́ńdè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ti firíìjì ní tirẹ̀ sọ ohun tó ń dáàbò bo nǹkan náà báyìí, nítorí ìyẹn ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ bi yín lórí fóònù.

Ọjọ́ tí ìbéèrè wọlé ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Èyí tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì yóò dà bí ọmọ àná bí ẹ bá ń yí ọjọ́ rẹ̀ padà lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan. Bí fáìlì bá sì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ẹ kọ ibi tó wà àti ọjọ́ tó débẹ̀, kí ẹ má fi ẹ̀sùn kàn án. Ó lè jẹ́ òun náà ni wọ́n máa fi ímeèlì yín ránṣẹ́ sí.

Inú ímeèlì gan-an ni kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí. Tábìlì onílà mẹ́wàá kì í ṣeé kà lójú fóònù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ka tiwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ tó gba ìbéèrè tuntun kankan, ẹ ka èyí tó wà nílẹ̀: bí kì í bá ṣe 13, ẹ wá èyí tó sọnù náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.