“Báwo?”: Bí Ọ̀rọ̀ Kan Ní Etí Ìwé Ṣe Ń Di Àtúnṣe

Ọ̀rọ̀ tí alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí ń kọ sí etí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kì í pọ̀: “Báwo?”, “Ẹ̀rí dà?”, “Tẹ̀ síwájú.” Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé gígùn ni alábòójútó ń béèrè, wọ́n á sì máa to ìpínrọ̀ lé ìpínrọ̀ títí tí orí ìwé náà á fi wúwo, tí ìbéèrè náà á sì wà níbẹ̀ láìní ìdáhùn.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kan ní Ẹ̀pẹ́ kọ ọ́ pé: “Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó lọ́dún 1851, ó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, òwò ìlú náà sì gbòòrò gidigidi.” Alábòójútó fa ìlà sábẹ́ “gbòòrò gidigidi”, ó sì kọ “Báwo?” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìlà náà wà ni kí á kọ́kọ́ wò. Kò sí lábẹ́ orúkọ Kòsọ́kọ́, nítorí náà ìtàn ìjà òun àti Akítóyè tí wọ́n jọ du oyè ọba Èkó, bó ti wù kó dùn tó, kò dáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí á sọ “Báwo?” di odindi ìbéèrè: ọ̀nà wo ni wíwá Kòsọ́kọ́ gbà ran òwò lọ́wọ́, kí ló sì fi hàn pé òwò náà gbòòrò? Ìbéèrè méjì ló fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rí wọn kò sì jọra.

Àdéhùn tí Kòsọ́kọ́ bá aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854 dáhùn ti àkọ́kọ́: Kòsọ́kọ́ ṣèlérí pé òun kò ní gbìyànjú láti gba Èkó padà, wọ́n sì gbà pé Palma àti Lẹ́kí ni èbúté òwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò dáhùn ti kejì, nítorí pé ẹ̀tọ́ láti ṣòwò kì í ṣe òṣùwọ̀n ọjà tó kọjá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá rí àkọsílẹ̀ epo pupa tó gba èbúté wọ̀nyí jáde, àfi kó yọ “gbòòrò gidigidi” kúrò, kó sì kọ ọ́ pé: “Àdéhùn ọdún 1854 fún Kòsọ́kọ́ ní èbúté òwò tí kò sí lábẹ́ àṣẹ ọba Èkó.” Àtúnṣe tó dára lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kéré sí i. Kó tún wá gbogbo ibi tí “gbòòrò” ti jẹyọ, pàápàá ní ìparí orí náà, nítorí pé ibẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí.

Ọgbọ́n wà nínú bí ọ̀rọ̀ alábòójútó ṣe kúrú, torí pé ó fi ìpinnu sílẹ̀ fún ẹni tó ni iṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí òǹkàwé ti kọsẹ̀ ló ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ ohun tó fà á lè wà ní ojú ewé mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ìtumọ̀ méjì bá ṣeé ṣe, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn náà lọ́nà méjèèjì, kó sì gbé e tọ alábòójútó lọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo nínú méjèèjì yìí ni ẹ ń béèrè?”