Obì, Kóòkì àti Panadó: ọ̀nà tí kaféènì ń gbà wọ ara aboyún tí kì í mu kọfí

Bí wọ́n bá bi aboyún kan ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Bódìjà bóyá ó máa ń mu kọfí, àfàìmọ̀ kó má fèsì pé òun kì í mu ún rárá. Òótọ́ ló sọ. Tíì ló pọ̀ nínú ilé ní Ìbàdàn, kì í ṣe kọfí. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí aboyún máa ṣọ́ nínú kọfí, ìyẹn kaféènì, kò mọ sínú kọfí nìkan. Ó wà nínú tíì, ó wà nínú Kóòkì àti Pẹpusí, ó wà nínú ẹ́nájì dírínkì, ó wà nínú obì, ó sì wà nínú oògùn orí fífọ́ kan tó wọ́pọ̀ gan-an. Ẹni tí kò mu kọfí rí lè kọjá ààlà láàárín àárọ̀ sí alẹ́, kó má sì fura.

Ààlà ọ̀hún ni 200 mílígíráàmù lóòjọ́. Iye tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláboyún ní Amẹ́ríkà àti ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ fún aboyún nìyẹn. Nínú ìlànà ìtọ́jú aboyún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2016, 300 ni wọ́n kọ: wọ́n ní aboyún tó bá ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ dín in kù. Nọ́ńbà méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ti 300 ń sọ ẹni tó yẹ ká tètè kìlọ̀ fún, ti 200 sì ń sọ ibi tó dára kéèyàn dúró sí. Ìdí tí wọ́n fi ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ ni pé nínú ìwádìí, àwọn ìyá tó gba kaféènì púpọ̀ ló máa ń bí ọmọ tí kò wúwo tó, àwọn ìwádìí kan sì rí i pé oyún tètè ń wálẹ̀ lára wọn. Kò sí ẹni tó lè búra pé kaféènì nìkan ló fà á. Bákan náà, 201 kì í ṣe májèlé. Bí iye náà ṣe ń ròkè ni ewu ṣe ń ròkè.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ aboyún yàtọ̀ ni ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ kaféènì kúrò lára. Lára obìnrin tí kò lóyún, tí kì í sì í mu sìgá, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni ẹ̀dọ̀ fi ń mú ìdajì rẹ̀ kúrò. Bí oyún ṣe ń dàgbà ni iṣẹ́ yìí ń falẹ̀, tó fi jẹ́ pé ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ó lè tó wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìdajì tó kúrò. Ẹ wò ó báyìí: kí obìnrin méjì gba 200 mílígíráàmù ní aago méje àárọ̀. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, nǹkan bíi 25 ló kù lára ẹni tí kò lóyún. Lára aboyún oṣù mẹ́jọ, 100 ṣì wà níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá tún mọ́, nǹkan bíi 65 ṣì kù, orí rẹ̀ ni yóò sì da tíì àárọ̀ tuntun lé. Ìdí nìyí tí obìnrin tó ti ń mu tíì láti ọdún pípẹ́ fi lè rí i pé ife kan náà tí kì í ṣe é ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba oorun lójú rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kì-kì-kì ní òru. Ife náà kò yí padà. Ẹ̀dọ̀ ló ń falẹ̀.

Kaféènì tún ń gba ibi ọmọ kọjá láìsí ìdíwọ́, ọmọ inú kò sì ní agbára tí ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà fi ń fọ́ ọ. Ohun tí ìyá bá ṣì ń gbé kiri lára ni ọmọ náà ń gbé kiri, ìgbà tó bá kúrò lára ìyá ló tó kúrò lára ọmọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Láàárọ̀, ó mu ife tíì ńlá kan pẹ̀lú búrẹ́dì, kò sì yọ báàgì tíì kúrò nínú omi gbígbóná títí tó fi mu ún tán. Ká pe ìyẹn ní 75. Bí báàgì bá ṣe pẹ́ nínú omi tó ni kaféènì ṣe ń jáde tó, nítorí náà ẹni tó yọ tirẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan kò gba tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán, oòrùn mú, ó ra Kóòkì oníke 50 sẹ́ńtílítà. Kóòkì ní nǹkan bíi 10 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 50. Ní aago mẹ́rin, oorun ń kùn ún, ó jẹ awẹ́ obì gbànja kan. Nígbà tó délé, orí ń fọ́ ọ, ó lo Panadó Ẹ́sítírà méjì.

Obì ló ṣòro jù láti ṣírò, torí kò ní àkọlé lára. Kaféènì inú obì máa ń jẹ́ ìwọ̀n 1 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún obì tó ti gbẹ. Obì tútù, bí wọ́n ṣe ń tà á ní Sábó, omi lé ní ìdajì rẹ̀. Tí awẹ́ kan bá wọ̀n tó gíráàmù mẹ́wàá, ó lè jẹ́ gíráàmù mẹ́rin péré ló máa kù tí omi bá gbẹ, kaféènì inú rẹ̀ yóò sì wà láàárín 40 sí 120. Ká fi sí àárín, ká pè é ní 80. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí wọ́n máa sọ fún aboyún tí ìrìndọ̀ ń dà láàmú ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pé kó máa jẹ obì kí ẹ̀ẹ̀bì lè dúró. Ìkorò rẹ̀ lè dá itọ́ ẹnu dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jẹ obì kan láàárọ̀ àti ìkan lálẹ́ lè ti ré kọjá 200 kó tó fẹnu kan tíì rárá. Ìbùjẹ kékeré tí wọ́n ń fi tọ́ èèyàn lẹ́nu wò níbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìdána kì í ṣe ìyẹn là ń sọ. Kò tó nǹkan tó yẹ kí ẹnikẹ́ni kà.

Panadó Ẹ́sítírà wàyí. Ohun tó fi yàtọ̀ sí Panadó lásán ni pé wọ́n fi 65 mílígíráàmù kaféènì sínú hóró kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú 500 parasẹtamọ́ọ̀lù. Hóró méjì jẹ́ 130, ó ju ife tíì ńlá kan àti Kóòkì tí obìnrin yẹn mu pa pọ̀ lọ. A kò gbà aboyún nímọ̀ràn láti lo parasẹtamọ́ọ̀lù tí wọ́n fi kaféènì sí. Parasẹtamọ́ọ̀lù lásán ni wọ́n ń fún aboyún tí orí ń fọ́, níwọ̀n tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá sọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn, ẹni tó bá kàn ní "ẹ fún mi ní Panadó" lè gba èyí tàbí tọ̀hún, nítorí náà kó sọ ọ́ kedere pé aboyún ni òun, èyí tí kò ní kaféènì ni òun ń fẹ́.

Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 75, 50, 80 àti 130. Ó di 335. Obìnrin yìí kò fẹnu kan kọfí. Tó bá fi Panadó lásán rọ́pò oògùn alẹ́ yẹn nìkan, yóò wá sí 205. Tó bá tún fi obì sílẹ̀, ó di 125, ó sì ṣì ń mu tíì rẹ̀ àti Kóòkì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń dá èyí rú. Ara tó ti mọ́ kaféènì kì í fẹ́ kí wọ́n já a gbà lójijì. Bí wákàtí 12 sí 24 bá ti kọjá láìsí i, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, á máa rẹ èèyàn, inú á máa bí i láìnídìí, ó sì lè gba ọjọ́ méjì títí dé ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ kó tó lọ. Aboyún tó bá pinnu ní ọjọ́ Ajé pé òun kò jẹ obì mọ́, òun kò mu tíì mọ́, tí orí bá fọ́ ọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó sì lọ lo Panadó Ẹ́sítírà, orí náà á lọ, torí pé kaféènì tó ń wá ló tún gbé mì. Lọ́jọ́ kejì orí á tún fọ́. Ó lè máa yí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó máa rò pé oyún ló ń fà á. Ohun tó dáa ni kó tètè pààrọ̀ oògùn náà lákọ̀ọ́kọ́, kó wá dín àwọn ìyókù kù díẹ̀díẹ̀: kó gé obì sí ìdajì fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó fi í sílẹ̀, kó máa yọ báàgì tíì kúrò kíákíá. Àmọ́ orí tó bá ń fọ́ gidigidi lẹ́yìn oṣù márùn-ún oyún, pàápàá tí ojú bá ń ṣe bàìbàì tàbí tí ojú àti ọwọ́ bá wú, kò gbọ́dọ̀ sọ pé kaféènì ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà nídìí rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ́nájì dírínkì ló ń fi nọ́ńbà tan èèyàn jù. Ara ike ni wọ́n kọ iye kaféènì sí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ ni ti 100 mílílítà, bíi 30 tàbí 32. Ẹni tó bá rí 32 á rò pé kò tó nǹkan. Ike 50 sẹ́ńtílítà jẹ́ 100 mílílítà lọ́nà márùn-ún, nítorí náà 160 ló mu. Gọ̀ráńà tí wọ́n ń kọ mọ́ ohun tí wọ́n pò pọ̀, kaféènì náà ló wà nínú rẹ̀. A kì í gbà aboyún nímọ̀ràn láti mu irú ohun mímu yìí rárá, kódà bí iye rẹ̀ kò bá tíì pé 200.

Tíì aláwọ̀ ewé àti tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fá ikùn, kaféènì wà nínú wọn bí ti tíì dúdú. Àwọn tí wọ́n ń tà fún ikùn tún lè ní ewé tó ń mú èèyàn yàgbẹ́, aboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Mílò àti Bọnvítà ní kòkó, ṣùgbọ́n kaféènì ife kan kéré, kò sábà kọjá mílígíráàmù mélòó kan. Fáńtà, Sípíráìtì, mọ́ọ̀tì àti sóbò kò ní in.

Tíì tún ń ṣe ohun mìíràn tí kì í ṣe ẹ̀bi kaféènì. Ohun tó ń mú un korò máa ń dì mọ́ irin inú oúnjẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pín níbi ìtọ́jú aboyún, kò sì ní jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Kí ó tó wákàtí kan, ó kéré tán, láàárín tíì àti oògùn náà. Omi lásán ni kí wọ́n fi gbé e mì, tàbí omi ọsàn.